Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Ohun Tí Fíìmù Yọ Kúrò Nínú Ìwé Half of a Yellow Sun

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará Ìbà Housing Estate, Ọjọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Mo dúpẹ́ pé ẹ rí mi bí ẹni tó lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwé àti fíìmù, nítorí pé àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ràn, n kò sì lè fi ọ̀kan tan ara mi pé òun ni èkejì.

Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi ni pé kí ló fà á tí ìwé ìtàn àròsọ tó tà káàkiri ayé fi máa ń yàtọ̀ sí fíìmù tí wọ́n bá fi ṣe, àti ìdí tí olùdarí fíìmù fi máa ń yọ àwọn ẹ̀ka ìtàn kan dànù. Bí ẹni tó ti ka ìwé bá wo fíìmù rẹ̀ tán, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Wọ́n ti ba ìwé yìí jẹ́." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo kọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wọn. Àwọn kan á ní olùdarí kò ka ìwé náà tán ni, àwọn mìíràn á ní owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ ẹ̀ka kan kúrò lára ìtàn, ó ti ní láti kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ni ìtàn náà. Nígbà tí a bá ti mọ ẹni tí olùdarí fi ìtàn lé lọ́wọ́, a ó mọ ìdí tí lágbájá fi pòórá, tí tàmẹ̀dò fi di ẹni ìṣẹ́jú méjì, tí ìlú kan tó gba odidi orí nínú ìwé kò fi ju kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lọ.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè wò ó dé ìsàlẹ̀. Ìwé náà ni Half of a Yellow Sun tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ. Ọdún 2006 ló jáde. Ilé iṣẹ́ Farafina ló tẹ̀ ẹ́ fún wa níbí ní Èkó. Ní ọdún 2007, ó gba ẹ̀bùn tó ń jẹ́ Orange nígbà náà, tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin òǹkọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di ọdún 2020, àwọn òǹkàwé dìbò pé òun ló borí gbogbo ìwé tó ti gba ẹ̀bùn yẹn láti ọdún 25 sẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá ni ó sọ ọ́ di fíìmù: Bíyì Bándélé, tí wọ́n bí ní Kafanchan ní ọdún 1967, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Abẹ́òkúta. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Tòróńtò ní Kánádà. Kì í ṣe ẹni tí a lè sọ pé kò mọ ìwé. Òǹkọ̀wé ni òun fúnra rẹ̀. Òun ló kọ Burma Boy, òun kan náà ló sì ti sọ Things Fall Apart di eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́tipẹ́ kó tó di olùdarí fíìmù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé eré fún Half of a Yellow Sun. Nítorí náà, ohun tó bá yọ, ó mọ̀ pé òun yọ ọ́.

Fún àwọn tí kò tíì ka ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Olóyè olówó kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Ozobia, ó bí ìbejì obìnrin, Olanna àti Kainene. Olanna fi Èkó sílẹ̀, ó lọ ń bá olùkọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Odenigbo gbé ní Nsukka. Kainene lọ ń bójú tó òwò bàbá wọn ní Pọ́táákọ̀, òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Richard, tó wá wo iṣẹ́ ọnà Igbo-Ukwu, sì ń fẹ́ra. Nínú ilé Odenigbo ni ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Ugwu. Láti abúlé Opi ni àǹtí rẹ̀ ti mú un wá, ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá sì ni nígbà tó dé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun dé, tí wọ́n pa àwọn Igbo ní Òkè Ọya, tí ogun Biafra sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, tí kò parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, nítorí apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìṣirò lásán. Ẹ̀dà ìwé náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní ojú ewé 433. Fíìmù jẹ́ ìṣẹ́jú 111. Bí a bá pín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn fún ojú ewé, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni yóò kan ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ojú ewé kan kí ẹ kà á sókè ní ìwọ̀n ohùn tí ẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀. Kò lè dín ní ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tó ń kọ ìwé eré fún fíìmù ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn mọ̀, pé ojú ewé kan nínú ìwé eré ń gba bí ìṣẹ́jú kan lójú fíìmù. Èyí fi hàn pé ìwé eré tí Bándélé lè kọ kò lè ju nǹkan bí 110 ojú ewé lọ, ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe kó gbogbo ìwé náà wọlé. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò sọ ohun tí yóò yọ. Iye tí yóò yọ nìkan ló sọ.

Ohun tó sọ èyí tí yóò yọ ni ìbéèrè mi ìṣáájú. Nínú ìwé, ojú ènìyàn mẹ́ta ni a fi ń wo ìtàn: Ugwu, Olanna àti Richard. Orí ìwé kan á jẹ́ ti Ugwu, òmíràn á jẹ́ ti Olanna, òmíràn á jẹ́ ti Richard. A kò wọ inú ọkàn Odenigbo rí, a kò sì wọ inú ọkàn Kainene rí. Ugwu ló ṣí ìlẹ̀kùn ìwé náà; ní ojú ewé àkọ́kọ́, òun ló ń rìn bọ̀ nílé ọ̀gá rẹ̀. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn pàápàá, Ugwu ni. Fíìmù kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àkókò òmìnira ọdún 1960, láàárín àwọn olówó, pẹ̀lú àwọn ìbejì méjèèjì nínú aṣọ oge. Ìran díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ti yí padà. Bándélé ti gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti fi lé àwọn ọmọ olóyè lọ́wọ́. Thandie Newton ló ṣe Olanna, Anika Noni Rose ló ṣe Kainene, Chiwetel Ejiofor ló ṣe Odenigbo. John Boyega tó ṣe Ugwu, ẹgbẹ́ ògiri ló sábà máa ń dúró sí, tí ó ń gbé àwo, tí ó ń fetí sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ní láti fi owó sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi owó sílẹ̀ á béèrè orúkọ tí yóò wà lára páálí ìpolówó. Orúkọ Newton àti Ejiofor ló lè fa èrò wá sí sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà nígbà náà. Bí ẹ bá ti san owó irú òṣèré bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní fi wọ́n sí ẹ̀yìn ọmọ ọ̀dọ̀ kan fún ìlàjì fíìmù. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tó ju owó lọ. Kámẹ́rà kì í wọ inú ọkàn. Nínú ìwé, Ugwu lè má sọ ọ̀rọ̀ kan fún ojú ewé mẹ́wàá, síbẹ̀ kí á mọ ohun gbogbo tó ń rò. Lójú fíìmù, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ tí kò sì ṣe ìpinnu kò ju ẹni tó ń kọjá lọ. Àwọn ìbejì ń fẹ́, wọ́n ń kọ̀, wọ́n ń jà, wọ́n ń dárí jì. Àwọn ni fíìmù rí nǹkan yà lára wọn.

Ìpinnu kejì tó tẹ̀ lé e ni ti ètò àkókò. Apá mẹ́rin ni Adichie pín ìwé rẹ̀ sí. Apá kìíní wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, apá kejì fò lọ sí ìparí wọn, apá kẹta padà sí ìbẹ̀rẹ̀, apá kẹrin sì tún lọ sí ìparí. Nítorí èyí, nígbà tí a wọ apá kejì, a kàn bá ọmọdébìnrin kan nínú ilé Olanna tí wọ́n ń pè ní Baby, a sì rí i pé Olanna àti Kainene kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, a kò sì mọ ìdí rẹ̀. A ń gbé ìbéèrè yẹn kiri lọ́kàn nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní Kánò. Ìgbà tí a dé apá kẹta ni a tó mọ̀ pé ìyá Odenigbo ló mú ọmọbìnrin kan láti abúlé, Amala, wá fún ọmọ rẹ̀, pé Amala lóyún, pé Olanna fi ìbínú sùn ti Richard, àti pé ọmọ Amala ni Baby.

Fíìmù to gbogbo rẹ̀ tààrà láti ọdún 1960 wá sí ìparí ogun. Ó fi àwọn àwòrán ìròyìn àtijọ́ àti àwòrán ilẹ̀ sáàárín, kí òǹwòran lè mọ ìlú tí a wà àti ọdún tí a dé. Ní tèmi, n kò bínú sí èyí. Òǹkàwé lè ṣí ìwé padà sẹ́yìn bí ọdún bá dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹni tó jókòó nínú sinimá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà tàbí méje, ojú òṣèré kan náà kò yí padà tó láti fi sọ fún wa pé a ti padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù náà fún ní òkè òkun kò mọ Aburi yàtọ̀ sí Asaba. Tí wọ́n bá tún da ọdún rú fún wọn, wọn kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà mọ́.

Síbẹ̀, ohun kan sọnù. Nínú ìwé, a ti rí òkú kí á tó mọ̀ nípa panṣágà. Nígbà tí a wá gbọ́ pé Olanna sùn ti ọkùnrin ìkejì rẹ̀, a ti fi ojú inú rí Kánò, ọ̀rọ̀ yàrá kò sì tóbi mọ́ lójú wa. Bí Kainene náà ṣe dárí ji ìkejì rẹ̀ nìyẹn: lẹ́yìn tí àfọ́kù bọ́ǹbù gé orí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rí i pé ìbínú tí òun ń dì sínú kò tó nǹkan. Ètò ìwé náà ti mú wa ro ohun tí Kainene rò kí Kainene tó rò ó. Nígbà tí fíìmù to ọdún tààrà, ìjà inú ilé ló gba iwájú, ogun sì dé lẹ́yìn bí àlejò tó pẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wò ó ló sọ pé ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ dà bí eré ìfẹ́ orí tẹlifíṣàn. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé Bándélé fi nǹkan kún un. Bó ṣe tò ó ló fà á.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀ka tó ga jù nínú ohun tí wọ́n yọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nínú apá kẹrin ìwé, àwọn ọmọ ogun Biafra mú Ugwu lójú ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ di sójà tipátipá. Ó mọ ohun ìjà abúgbàù tí wọ́n ń pè ní ogbunigwe lò dáadáa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un ní orúkọ akọni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wà nílé ọtí, wọ́n fipá bá ọmọbìnrin tó ń ta ọtí lò pọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n fi Ugwu ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ṣe é. Ọmọ tí a ti ń bá bọ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, tí a ti fẹ́ràn, tí a ti rí bó ṣe ń se ọbẹ̀ ata fún ọ̀gá rẹ̀, ó ṣe é. Adichie kò jẹ́ kí á sá. Lẹ́yìn náà ni Ugwu fara gbọgbẹ́, ó padà wálé, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí Opi, ó sì gbọ́ ohun tí àwọn sójà ṣe fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, Anulika. Ohun kan náà ni. Òǹkàwé á rí i pé ẹni tó ń sunkún fún àbúrò rẹ̀ yìí ni ẹnì kan ní ìlú mìíràn ń sunkún nítorí rẹ̀.

Ohun tí Ugwu ṣe lójú ogun kò sí nínú fíìmù. Ẹ jẹ́ kí a bá olùdarí jókòó, kí a ṣe ìṣirò iye tí yóò ná an bí ó bá fẹ́ fi í sí i. A nílò ìran tí wọ́n ti mú un, ìran ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìbọn, ìran kan tàbí méjì lójú ogun kí a lè gbà pé ó di ọmọ ogun, ìran ilé ọtí, ìran ọgbẹ́, ìran ìpadàbọ̀. A tún nílò ìran tí yóò fi hàn pé ìtìjú ń jẹ ẹ́, nítorí pé láìsí èyí, ọ̀daràn lásán ni yóò jẹ́ lójú òǹwòran. Lẹ́yìn náà ni ti Opi. A kò lè fi Opi hàn ní ìparí bí a kò bá ti fi Anulika hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà a tún ti jẹ gbèsè ìran mìíràn lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ ìran mẹ́wàá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú méjì, ogún ìṣẹ́jú ti lọ nínú 111. Ó sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún fíìmù, fún ẹni tí olùdarí ti pinnu láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pé kì í ṣe òun ló ni ìtàn.

Báyìí ni ẹ̀ka ìtàn ṣe ń lọ. Àwọn tó ń wo fíìmù rò pé ẹni tó kọ ìwé eré kàn ń mú ìran kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé èyí wù mí, èyí kò wù mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìtàn so mọ́ra. Anulika kò wúlò bí Ugwu kò bá ti ṣẹ̀. Bí Ugwu kò bá sì ṣẹ̀, ìwé tó kọ kò ní gbòǹgbò mọ́.

Mo ti dé orí ìwé tó kọ. Nínú Half of a Yellow Sun, ìwé kan wà nínú ìwé. Àyọkà mẹ́jọ ni Adichie fi há àárín àwọn orí, lábẹ́ àkọlé The World Was Silent When We Died, èyí tó ń sọ bí Nàìjíríà ṣe di Nàìjíríà, bí ebi ṣe pa àwọn ọmọ Biafra, àti bí ayé ṣe dákẹ́. Richard ni a rò pé ó ń kọ ọ́, nítorí òun ni òǹkọ̀wé, òun sì ni òyìnbó tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ìgbà tí a dé ìparí ni a tó mọ̀ pé Ugwu ni. Richard ti gbà pé ogun yìí kì í ṣe tòun láti sọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ láti Opi, tí Odenigbo fi sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó ka ìwé tí Frederick Douglass kọ nípa ìgbésí ayé ẹrú nígbà tó wà láàárín àwọn sójà, tí ó ṣẹ̀, tí ojú tì í, òun ló jókòó tó kọ ìtàn náà.

Kò sí ìwé yìí nínú fíìmù bó ṣe wà nínú ìwé, mo sì ti ronú lórí ìdí rẹ̀ púpọ̀. Ìdí kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé kò ní ohùn. A lè ka àyọkà méje kí á má mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí Bándélé bá fẹ́ lò wọ́n nínú fíìmù, ẹnì kan ní láti kà á sókè. Bí a bá gbọ́ ohùn òyìnbó, irọ́ ni wọ́n pa fún wa. Bí a bá gbọ́ ohùn Boyega, àṣírí ti tú láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sójú àwòrán kí á fi ojú ara wa kà á, eré ti dúró, nígbà mẹ́jọ. Ohun tí Adichie fi lẹ́tà ṣe, ohùn kò lè ṣe é. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi nínú kíláàsì pé àwọn nǹkan kan wà nínú ìwé tí kì í ṣe pé olùdarí kọ̀ láti gbé. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé ni kò sí.

Ṣùgbọ́n èmi ì bá wá ọ̀nà mìíràn. Ìran kan ṣoṣo ní ìparí, Ugwu nídìí tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti bébà, Richard tó ń kó ìwé tirẹ̀ kúrò, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ rí i, wọn ì bá rí ìṣẹ́jú méjì yẹn nínú àríyá ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ilé wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ wo The Godfather. Mario Puzo kọ ìwé náà ní ọdún 1969, ó sì tà bí àkàrà. Nígbà tí òun àti Francis Ford Coppola sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1972, wọ́n yọ odidi ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy Mancini, ẹni tó kó lọ sí Las Vegas, tó bá dókítà kan pàdé níbẹ̀. Wọ́n gé ìtàn olórin Johnny Fontane kúrú títí ó fi ku díẹ̀. Ẹni tó ka ìwé náà mọ̀ pé ojú ewé tí àwọn méjèèjì gbà kò kéré. Ṣùgbọ́n Coppola ti pinnu pé Michael, ọmọ ìkẹyìn lọ́kùnrin, ló ni ìtàn, bí ọmọ tó fẹ́ yẹra fún òwò bàbá rẹ̀ ṣe wá jogún rẹ̀. Lucy kò kan Michael. Bí ẹ bá fa òwú Lucy yọ, kò sí ohun tó já níbi tí Michael wà. Ti ìgbà èwe bàbá wọn, Vito, yàtọ̀. Ó kan Michael gan-an, ṣùgbọ́n àyè kò gbà á. Coppola kò sọ ọ́ nù, ó fi pamọ́, ó sì lò ó nínú apá kejì ní ọdún 1974. Èyí ni mo pè ní yíyọ tó dára. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Lucy àti Ugwu ni pé nígbà tí a fa òwú Ugwu yọ, ìparí ìwé náà tú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù, láìtíì ka ìwé rẹ̀, pé wọ́n ti gé nǹkan kan níbì kan, ẹ wá àpá. Àpá tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀dá ìtàn kan tí wọ́n fi òṣèré ńlá ṣe, tí kò sì rí nǹkan ṣe. Nínú fíìmù yìí, Genevieve Nnaji ló ṣe Miss Adebayo. Nínú ìwé, Yorùbá ni obìnrin yìí, olùkọ́ ní Nsukka, tó máa ń wá sí pálọ̀ Odenigbo láti bá a jiyàn lórí òṣèlú, tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ojú Olanna kò sì gba ìmọ̀ rẹ̀ tán. Ó ṣe pàtàkì fún àwa tí a jẹ́ Yorùbá láti rí bí pálọ̀ yẹn, tí Igbo àti Yorùbá ti jọ ń mu bíà, ṣe ń tú ká díẹ̀díẹ̀. Nínú fíìmù, Nnaji jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ gbólóhùn díẹ̀, ó lọ. Ẹni tí kò ka ìwé á béèrè pé kí ni gbajúgbajà bẹ́ẹ̀ wá ṣe níbẹ̀. Àpá nìyẹn. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ọjà máa ń mú ọ̀rọ̀ yìí yí padà. Ọjà Alábà International kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ kan náà ni a jọ wà. Ní àkókò fídíò ilé, Alábà àti Ìdúmọ̀tà ni fíìmù ti ń jáde lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn oníṣòwò kò bẹ̀rù gígùn. Apá kìíní àti apá kejì ni wọ́n máa ń fẹ́, nítorí páálí méjì ni owó méjì. Nítorí náà, nígbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, di fíìmù ní ọdún 1997, kò sí ẹni tó ń lé e kiri pẹ̀lú ìṣẹ́jú 111. Fíìmù yẹn sì tún fún wa ní ohun tí ìwé kò lè fún wa. Òǹkàwé Ó Le Kú ní láti fi ojú inú rí bí àwọn ọmọbìnrin Ìbàdàn ṣe ń múra ní àkókò yẹn. Kèlání fi hàn wá: ìró kékeré tó mọ sí orúnkún, bùbá tó bá a mu. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn télọ̀ ti ń rán an káàkiri, wọ́n sì ń pè é ní òlekú. Àwọn ìyá tó wà níhìn-ín tó wọ̀ ọ́ lọ sí òde mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú ìwé kan kò lè ta aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀ka ìtàn fi ń yè ni fíìmù onípele orí tẹlifíṣàn. Nígbà tí NTA ṣe Things Fall Apart ní ọdún 1987, tí Pete Edochie ṣe Okonkwo, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni a ń wò ó, àyè sì wà fún àwọn tí fíìmù sinimá ì bá lé jáde. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe Half of a Yellow Sun lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn.

Ẹnì kan tún wà tó ń gé tí kì í ṣe olùdarí. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni fíìmù yìí yẹ kó jáde ní Nàìjíríà. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kò fọwọ́ sí i lásìkò náà. Ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé ṣì ń jó wọn lára. Oṣù kẹjọ ló tó dé sinimá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí àwọn ibì kan. Ìwé náà ti wà lórí àtẹ ní Èkó láti ọdún mẹ́jọ ṣáájú, kò sí ìjọba tó dá a dúró. Òkùnkùn sinimá tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ jókòó sí ń ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù ju ìwé tí ẹnì kan ń kà nínú yàrá rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ ìwé eré ní Nàìjíríà mọ èyí, ó sì máa ń gé fúnra rẹ̀ kí àjọ tó gé e fún un.

Bíyì Bándélé kú ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹni ọdún 54. Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn, Elesin Oba, tó fi eré Wọlé Ṣóyínká ṣe ní èdè Yorùbá, ìgbà tó ti kú tán ni wọ́n fi hàn ní Tòróńtò. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ mi lórí fíìmù tí a ti ń sọ bọ̀ yìí ni pé ó tọ́ láti to ọdún tààrà, ó tọ́ láti fi Kainene síwájú ju bó ṣe wà nínú ìwé lọ, ṣùgbọ́n kò tọ́ láti jẹ́ kí Ugwu padà sí ilé ìdáná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fíìmù rọ́pò ìwé nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé yìí. Olùkọ́ tó bá bi yín ní ẹni tó kọ ìwé tó wà nínú ìwé, fíìmù kò ní sọ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní LASU àti níbòmíràn, ìwé Yorùbá pọ̀ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Kí ẹ tó mú ohunkóhun kúrò nínú wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ìtàn sórí bébà, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ìdí tí ẹ fi yàn án.